Ìtakora Kì Í Ṣe Gbogbonìṣe

Mo fẹ́ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti àwọn olùkọ́ wa pẹ̀lú, jà díẹ̀ nínú ìwé wa yìí. Ìjà náà kì í ṣe ti owó, kì í sì í ṣe ti òṣèlú. Ìjà lórí ẹ̀rí ni. Mo rí i pé àṣà kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò: ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí a fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ẹ jẹ́ kí a gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀." Bí a bá ti wí èyí tán, a ó máa ṣírò lọ títí a ó fi rí ohun méjì tí ó ta ko ara wọn, a ó sì fi ìdùnnú kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní àṣà yìí kò dára. Mo ní ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ó sì ń mú kí a sọ ohun tí a ti rí he nù. Ẹni tí ó bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, kí ó bá mi ká lọ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń wá ẹ̀rí sí ni ó ní "bí" nínú: bí ti ibí bá rí báyìí, ti ọ̀hún yóò rí báyìí. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ọmọdé mọ̀: "Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ ìta á tutù." Ọ̀nà kan láti fìdí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí a yí i po, kí a sì sọ apá rẹ̀ méjèèjì di òdì: "Bí ilẹ̀ ìta kò bá tutù, a jẹ́ pé òjò kò rọ̀." Ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹni tí ó bá gba èkíní ti gba èkejì. Èyí ni mo ń pè ní àyípo-òdì. Ẹ ṣọ́ra o! Bí a bá yí i po láìsọ ọ́ di òdì, tí a ní, "Bí ilẹ̀ ìta bá tutù, a jẹ́ pé òjò rọ̀," a ti ṣìnà, nítorí ẹnì kan lè ti da omi ìfọṣọ síbẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa ní, "Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú." Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ òwe yìí tí yóò rò pé ọ̀rọ̀ àìnídìí ni wọ́n ń sọ. Ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ ni pé, bí ẹ bá rí obìnrin tí ń jẹ́ Kúmólú, ìdí kan ń bẹ. Àgbà pa òwe náà ní òdì, etí wa sì yí i padà síwájú láìsí wàhálà.

Ìtakora yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀ a kì í yí ohunkóhun po. A ó mú ohun tí wọ́n fún wa, a ó sì mú òdì ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, a ó kó méjèèjì sí ilé kan náà, a ó wá máa wò ó títí tí ìjà yóò fi bẹ́ sílẹ̀. Bí àgbà tí ń dá ẹjọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí ó bá wí fún ẹni tí ń jiyàn pé, "Ó dára, ká gbà bẹ́ẹ̀. Ká gbà pé oko ni ìwọ wà lọ́jọ́ náà. Ta ni ó wá gba owó lọ́wọ́ Àjàyí lọ́jà?" Báyìí ni yóò máa bá a lọ, títí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà yóò fi ta ko ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọ̀nà méjèèjì, nítorí òun ni gbogbo ìjà mi. Nínú àyípo-òdì, ẹrù kan ṣoṣo ni a gbé lọ́wọ́ nígbà tí a ń gbéra, èyí ni òdì ìparí. A sì mọ ibi tí à ń lọ, èyí ni òdì ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìtakora, ẹrù méjì ni a gbé, a kò sì mọ ibi tí à ń lọ. Ibikíbi tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ ni a ó dúró sí, tí a ó ní a ti dé ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí a kò lè ṣe aláìlò tí a bá dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò 2. Mo ń pe iye tí ó ṣeé pín sí ọ̀nà méjì láìsí ìyókù ní iye adọ́gba, bíi 4, 6 àti 10. Mo sì ń pe èyí tí 1 máa ń ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ní iye aṣẹ́kù, bíi 3, 7 àti 11. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí n² bá jẹ́ adọ́gba, n fúnra rẹ̀ jẹ́ adọ́gba. Ẹ wo bí akẹ́kọ̀ọ́ tí àṣà yìí ti wọ̀ lára yóò ṣe kọ ọ́:

"Ẹ jẹ́ kí a gbà pé n² jẹ́ adọ́gba, ṣùgbọ́n pé n jẹ́ aṣẹ́kù. Nígbà tí n jẹ́ aṣẹ́kù, a lè kọ ọ́ báyìí: n = 2k + 1. Nítorí náà n² = 4k² + 4k + 1 = 2(2k² + 2k) + 1, èyí tí í ṣe aṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n a ti wí pé n² jẹ́ adọ́gba. Ìtakora dé. Ọ̀rọ̀ parí."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi yín léèrè: níbo ni ó ti lo ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbà, pé n² jẹ́ adọ́gba? Kò lò ó níbì kankan! Ó pè é wọlé, ó fún un ní àga ní kọ̀rọ̀ yàrá, kò bi í ní ohunkóhun; ìgbà tí iṣẹ́ parí tán ni ó tó pè é jáde wá lù. Ẹ pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́, kí ẹ pa ti ìkẹyìn náà rẹ́. Ohun tí ó kù ni pé: bí n bá jẹ́ aṣẹ́kù, n² jẹ́ aṣẹ́kù. Àyípo-òdì tí ó mọ́ gaara ni. Ẹ̀wù ìtakora lásán ni wọ́n wọ̀ fún un.

Ẹ tún wò ó, ẹ ó rí ìdí tí àyípo-òdì fi bá ọ̀rọ̀ náà mu. Bí a bá gba ọ̀nà tààrà, tí a ní n² = 2m, kí ni a ó ṣe síwájú? A ó ní n jẹ́ gbòǹgbò 2m, a ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́ níta. Ṣùgbọ́n pé n jẹ́ aṣẹ́kù fún wa ní ohun tí ọwọ́ lè dì mú, 2k + 1, tí a lè sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ wẹ́rẹ́. Èyí ni ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: apá wo nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ó fún mi ní ohun tí mo lè fi ṣiṣẹ́? Bí ó bá jẹ́ òdì ìparí ni, kí ó yí i po, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnì kan lè ní, "Ẹ̀wù lásán ni o pè é, kí ni ẹ̀wù pa ọ́ lára?" Ohun tí ó pa mí lára nìyí. Nínú ẹ̀rí alẹ́wù yẹn, n tí à ń sọ kò sí láyé. Iye tí ó jẹ́ aṣẹ́kù tí ìlọ́po ara rẹ̀ sì jẹ́ adọ́gba, ta ni ó rí i rí? Gbogbo ohun tí a bá sọ nípa rẹ̀ yóò bá a kú. Ṣùgbọ́n nínú àyípo-òdì, n wa jẹ́ 3, ó jẹ́ 5, ó jẹ́ 7, iye gidi ni. Nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ òtítọ́ tí a lè kó sínú àpò. Ẹ wo n² = 4k² + 4k + 1 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jẹ́ 4k(k + 1) + 1. Nínú k àti k + 1, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ adọ́gba, nítorí náà 4k(k + 1) ṣeé fi 8 pín. A rí i pé bí a bá fi 8 pín ìlọ́po ara iye aṣẹ́kù èyíkéyìí, 1 ni yóò ṣẹ́ kù: 9, 25, 49, 81, ẹ dán an wò. Ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni a rí yìí. Ẹni tí ó wọ ẹ̀wù ìtakora ti gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó ń yára lọ wo ìjà, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ààfin ìtakora fúnra rẹ̀, èyí ni gbòǹgbò 2, iye tí a fi ń lu ara rẹ̀ tí ó ń di 2. Òun ni gígùn ìlà tí ó lọ láti igun kan dé igun kejì nínú àwòrán onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Ọ̀rọ̀ náà ni pé gbòǹgbò 2 kì í ṣe ìdá. Kò sí iye odindi méjì, p àti q, tí a lè fi p/q ṣe é. Láyé àtijọ́ Aristotle ti mẹ́nu bà á gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìtakora: ó ní bí ó bá jẹ́ ìdá, aṣẹ́kù yóò di adọ́gba. Ní 1940, G. H. Hardy, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yìn ọ̀nà yìí nínú ìwé kékeré tí ó fi gbèjà iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò, ó sì fi ẹ̀rí gbòǹgbò 2 ṣe ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àgbà kì í fi ọlá ńlá gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́. Ká gbà pé gbòǹgbò 2 jẹ́ ìdá p/q, tí a sì ti gé e kù tán, bí a ti ń gé 6/4 kù sí 3/2, tí kò fi sí iye kan, yàtọ̀ sí 1, tí ó lè pín p àti q pọ̀. Nígbà náà p² = 2q². Nítorí náà p² jẹ́ adọ́gba, p náà sì jẹ́ adọ́gba gẹ́gẹ́ bí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lókè. Ẹ jẹ́ kí p = 2r. Nígbà náà 4r² = 2q², èyí ni pé q² = 2r². Nítorí náà q² jẹ́ adọ́gba, q náà sì jẹ́ adọ́gba. P àti q jọ jẹ́ adọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti wí pé a ti gé ìdá náà kù tán. Ìtakora dé.

Ẹ̀rí náà péye. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a parí rẹ̀, kí ni a mú bọ̀ wálé? A mọ̀ pé p jẹ́ adọ́gba, a mọ̀ pé q jẹ́ adọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí p, kò sì sí q! Àfi ìparí nìkan ni a rí mú, àwọn ìyókù ti bá ìjà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a yí i po. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, "Bí ìlọ́po ara x bá jẹ́ 2, x kì í ṣe ìdá." Àyípo-òdì rẹ̀ ni pé, "Bí x bá jẹ́ ìdá, ìlọ́po ara x kì í ṣe 2." Ẹ gbọ́ bí ó ti dún: ìdá yòówù tí ẹ bá mú wá, èmi yóò fi hàn yín pé ó tàsé. Ẹ mú ìdá p/q tí a ti gé kù tán. Ọ̀nà méjì péré ni ó lè gbà rí. Bí p bá jẹ́ aṣẹ́kù, p² jẹ́ aṣẹ́kù, 2q² sì jẹ́ adọ́gba. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí p bá jẹ́ adọ́gba, q gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣẹ́kù, nítorí a ti gé ìdá náà kù tán. P² ṣeé fi 4 pín láìsí ìyókù. Ṣùgbọ́n q² jẹ́ aṣẹ́kù, nítorí náà bí a bá fi 4 pín 2q², 2 yóò ṣẹ́ kù. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà níhìn-ín pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ parí. A kò gba irọ́ kankan, a kò sì jà. Ìdá gidi ni a ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nítorí pé ìdá gidi ni wọ́n, a lè bi wọ́n léèrè sí i. P² àti 2q² jẹ́ iye odindi tí kò dọ́gba, nítorí náà àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò lè dín ní 1. Ẹ mú 7/5: 49 àti 50. Ẹ mú 17/12: 289 àti 288. Ẹ mú 577/408: 332929 àti 332928. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án, 1 yẹn kò sì jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀. Bí a bá pín àlàfo náà bí ó ti yẹ, a ó rí i pé jíjìnnà p/q sí gbòǹgbò 2 kò lè dín ní 1/(q²(p/q + √2)). Fún ìdá tí kò tó 2, ohun tí ó wà nínú àkámọ́ pẹ̀lú p/q kò tó 4, nítorí náà jíjìnnà náà ju 1/(4q²) lọ. Fún 17/12, èyí ni 1/576, bíi 0.00174, jíjìnnà rẹ̀ gan-an sì jẹ́ bíi 0.00245. Ẹ kò ha rí i? Ìtakora sọ fún wa pé kò sí ìdá tí ó bá a. Àyípo-òdì sọ pé kò sí, ó sì tún sọ bí olúkúlùkù ṣe tàsé tó. Ẹni tí a rán lọ sọ́jà tí ó ra iyọ̀ tí ó sì gba èènì bọ̀, ṣé ọ̀kan náà ni òun àti ẹni tí ó ra iyọ̀ nìkan?

Mo mọ àtakò tí àwọn ọ̀mọ̀ràn yóò gbé dìde. Wọn yóò ní gbogbo ọ̀rọ̀ "kì í ṣe" àti "kò sí" ni ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ti ẹ̀dá rẹ̀: láti fi hàn pé ohun kan kò sí ni láti fi hàn pé, bí a bá gbà pé ó wà, ọ̀rọ̀ yóò dàrú. Òótọ́ ni. L. E. J. Brouwer pàápàá, ará Ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ko òfin "bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́" láti 1908, kò ní ìjà pẹ̀lú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Mo sì tún gbà pé àyípo-òdì tí a lò fún n àti n² fi ẹ̀yìn ti òtítọ́ kan, pé iye odindi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ adọ́gba tàbí aṣẹ́kù, láìsí ẹ̀kẹta. Èmi kò sọ pé ẹni tí ó lo ìtakora dẹ́ṣẹ̀. Mo ní kí ó wo ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ìjà.

Ṣùgbọ́n èènì kọ́ ni ó dùn mí jù. Àṣìṣe ni. Ẹ wo ẹ̀rí yìí, kí ẹ sọ fún mi ibi tí ó ti wó. Ká gbà pé gbòǹgbò 4 jẹ́ ìdá p/q tí a ti gé kù tán. Nígbà náà p² = 4q². Nítorí náà p² ṣeé fi 4 pín, p náà sì ṣeé fi 4 pín. Ẹ jẹ́ kí p = 4r. Nígbà náà 16r² = 4q², èyí ni pé q² = 4r². Nítorí náà q² ṣeé fi 4 pín, q náà sì ṣeé fi 4 pín. P àti q jọ ṣeé fi 4 pín, bẹ́ẹ̀ ni a ti gé ìdá náà kù tán. Ìtakora dé. Gbòǹgbò 4 kì í ṣe ìdá!

Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé gbòǹgbò 4 jẹ́ 2. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹ̀rí èké yìí ti jọ ti gbòǹgbò 2 bí ìbejì. Ẹni tí ó kọ́ èkíní sórí láìmọ ìdí rẹ̀ yóò kọ èkejì pẹ̀lú ìgboyà, inú rẹ̀ yóò sì dùn nígbà tí ó bá rí ìtakora, nítorí ìtakora ni ó ń wá. Ewu tí mo wí nìyẹn. Ní ọ̀nà mìíràn, bí a bá ṣàṣìṣe tí a sì bọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé gbọ́, ọ̀rọ̀ náà á ta wá jí, a ó padà lọ wo ẹsẹ̀ wa. Nínú ìtakora, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé gbọ́ ni èrè wa. Àṣìṣe á wọlé, a ó sì fi ayọ̀ kí i káàbọ̀ bí ẹni pé òun ni àlejò tí à ń retí.

Báwo ni a ó ṣe mú olè náà? Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà kọjá wẹ́rẹ́ yẹn, pé bí p² bá ṣeé fi 4 pín, p ṣeé fi 4 pín, kí ẹ yí i po sí òdì: bí p kò bá ṣeé fi 4 pín, p² kò ṣeé fi 4 pín. Òdì yìí fún wa ní ohun tí ọwọ́ lè dì mú, nítorí ìyókù lè jẹ́ 1, tàbí 2, tàbí 3. Bí p bá jẹ́ 4k + 1 tàbí 4k + 3, ó jẹ́ aṣẹ́kù, p² náà jẹ́ aṣẹ́kù, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí p bá jẹ́ 4k + 2, p² = 16k² + 16k + 4, èyí tí ó ṣeé fi 4 pín kedere. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Ẹ mú 2, ẹ mú 6: ìlọ́po ara wọn jẹ́ 4 àti 36, a sì lè fi 4 pín wọn, ṣùgbọ́n a kò lè fi 4 pín 2 tàbí 6 fúnra wọn. Àyípo-òdì tan iná sí igun tí ìtakora fi sínú òkùnkùn.

Ǹjẹ́ mo wá ní kí a lé ìtakora jáde kúrò nílùú bí? Rárá o. Ibì kan ń bẹ tí ó ti jẹ́ ọba, èmi yóò sì júbà níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀rí mìíràn lórí gbòǹgbò 2, tí kò mẹ́nu ba adọ́gba tàbí aṣẹ́kù. Ká gbà pé ó jẹ́ ìdá. A jẹ́ pé iye odindi kan wà, tí ó ju òdo lọ, tí bí a bá sọ gbòǹgbò 2 di ìlọ́po rẹ̀, odindi ni yóò jẹ́. Nínú gbogbo irú iye bẹ́ẹ̀, ẹ mú èyí tí ó kéré jù, kí a pè é ní q. Ẹ wá wo q√2 − q. Odindi ni, nítorí q√2 jẹ́ odindi. Ó ju òdo lọ, ó sì kéré ju q, nítorí √2 − 1 wà láàárín òdo àti 1. Ẹ fi √2 lù ú: ó di 2q − q√2, odindi ni èyí pẹ̀lú. A ti rí irú iye kan náà tí ó kéré ju èyí tí ó kéré jù. Ìtakora dé lóòótọ́.

Kí ni ó yàtọ̀ níhìn-ín? Àlejò tí a pè wọlé kò jókòó ní kọ̀rọ̀. A fi q ṣiṣẹ́. Láti ara rẹ̀ ni a ti bí q kejì. Pé q√2 jẹ́ odindi, a lò ó ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a bá nílò ohun tí kò sí yẹn láti fi kọ́ nǹkan, ìgbà yẹn ni ìtakora tó jẹ́ irin iṣẹ́ tí ó yẹ. Ẹ sì tún gbé e lọ sọ́dọ̀ gbòǹgbò 4, kí a lè mọ̀ bóyá èké ni. √4 − 1 jẹ́ 1, kò kéré sí 1, nítorí náà iye tuntun kò kéré ju q. Bí a bá yọ 2 dípò 1, √4 − 2 jẹ́ òdo, iye tuntun kò sì ju òdo lọ. Ẹ̀rí náà dúró fúnra rẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó dúró. Ṣùgbọ́n fún gbòǹgbò 3 ẹ yọ 1, fún gbòǹgbò 5 ẹ yọ 2, yóò sì ṣiṣẹ́ láìyí ọ̀rọ̀ padà.

Nítorí náà ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá ti kọ ẹ̀rí ìtakora tán, ẹ padà lọ wò ó bóyá ẹ lo ohun tí ẹ kọ́kọ́ gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ìkẹyìn nìkan ni ẹ pè é, ẹ pa ìlà méjèèjì rẹ́, kí ẹ jẹ́ kí àyípo-òdì fara hàn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ "kò sí," ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ di "olúkúlùkù ni ó tàsé," kí ẹ wo bóyá ẹ ó mọ bí ó ti tàsé tó. Bí ìtakora bá sì pọn dandan, ẹ gbé ẹ̀rí náà lọ síbi tí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òtítọ́, bí gbòǹgbò 4, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ìlà tí ó ti kọ̀ láti lọ. Bí kò bá kọ̀ níbì kankan, ẹ̀rí yín kò tíì dúró.

Ohun tí mo sì ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa kéré ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ẹ bá ń fi gbòǹgbò 2 han àwọn ọmọ tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbòǹgbò 4 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára pátákó, kí ẹ bi wọ́n ní ìlà tí ó ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má ṣe fún un ní máàkì fún ti gbòǹgbò 2, bí ó tilẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ láìṣì. Kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó kọ́ ọ sórí ni.